Orúkọ Wà Nínú Fóònù, Ẹni Náà Kò Sí Lórí WhatsApp

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá ìgbàlejò ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Mọ̀kọ́lá, nílùú Ìbàdàn, ní ọjọ́ Àìkú kan tí mo lọ kí wọn. A ti jẹun tán, mo sì ti ń wá bàtà mi, ni Màmá bá na fóònù wọn sí mi láìsọ nǹkan kan. Orí WhatsApp ni wọ́n wà, níbi tí orúkọ àbúrò mi, Ayọ̀bámi, wà. Kò sí àwòrán rẹ̀ níbẹ̀ rárá, àfi òjìji orí ènìyàn tí ó ní àwọ̀ eérú. Lábẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọ̀rọ̀ tí Màmá ti kọ ránṣẹ́ sí i tò sí bí ẹni tò ìlẹ̀kẹ̀: ẹ kú àárọ̀ ọjọ́ Ajé, àdúrà ọjọ́ Ẹtì, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, àti ìpè mẹ́rin tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Ayọ̀bámi kò dá ẹyọ kan lóhùn.

“Àdùkẹ́, wò ó dáadáa,” ni Màmá wí. “Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi ní bí a kò bá rí àwòrán ènìyàn mọ́, tí a kò rí Status rẹ̀, tí a pè é tí kò gbé e, onítọ̀hún ti tì ẹni síta nìyẹn. Ọmọ tí mo ta aṣọ òfì mi nítorí owó físà rẹ̀. Má bá a wí o. Mo kàn ní kí o mọ̀ ni.”

Mo mọ Ayọ̀bámi, n kò sì gbà pé ó lè ṣe irú rẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí ojú mi rí kò jẹ́ kí n lè bá Màmá jiyàn. Nígbà tí ó di alẹ́ ọjọ́ náà, mo pe àbúrò mi ní Leicester, níbi tí ó ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Kí n tó là á sọ, òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ṣé fóònù Màmá ti bàjẹ́ ni? Láti ìgbà tí mo ti ra fóònù tuntun yìí, n kò rí wọn lórí WhatsApp mọ́. Orúkọ wọn wà nínú fóònù mi, nọ́ńbà wọn náà sì wà níbẹ̀. Mo tilẹ̀ pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìpè náà kò lọ. Mo ní n ó bi yín, iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè.”

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ náà. Ìyá wà ní Ìbàdàn, wọ́n gbà pé ọmọ ti kọ àwọn sílẹ̀. Ọmọ wà ní Leicester, ó gbà pé fóònù ìyá ti bàjẹ́. Kò sí ẹni tí ó purọ́ nínú àwọn méjèèjì, fóònù àwọn méjèèjì kò sì ní àrùn kankan. Òdo kan ṣoṣo tí ó wà níwájú nọ́ńbà Màmá ni ó dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí pé ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá fi nọ́ńbà ilẹ̀ mìíràn rọ́pò nọ́ńbà ilé lórí WhatsApp.

Kì í fi orúkọ wá ènìyàn

Nígbà tí a bá kọ “Màmá Mọ̀kọ́lá” sínú fóònù, àwa nìkan ni a kọ orúkọ náà fún. WhatsApp kò fi orúkọ wá ẹnikẹ́ni. Àwọn nọ́ńbà tí ó wà nínú ìwé orúkọ fóònù wa ni ó ń kà, lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń wò bóyá ẹnìkan ti fi nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ gan-an forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ó bá rí i, yóò mú orúkọ tí a kọ́ sára nọ́ńbà náà, yóò sì gbé e hàn wá. Bí kò bá rí i, kò ní sọ fún wa pé òun wá a tì. Yóò kàn fò ó.

Nọ́ńbà tí ó wà lọ́dọ̀ WhatsApp kì í ṣe irú èyí tí a máa ń kà fún ara wa lẹ́nu. Odidi nọ́ńbà ni, tí kóòdù orílẹ̀-èdè ṣáájú rẹ̀: 234 fún Nàìjíríà, 44 fún Bìrìtìkó, 1 fún Amẹ́ríkà, 229 fún Bẹ̀nẹ̀, 228 fún Tógò. Àmọ́ kò sí ẹni tí ó ń ka 234 fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn. Òdo ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Òdo yẹn kì í ṣe ara nọ́ńbà ní ti gidi. Àmì lásán ni, tí ó ń sọ fún ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù pé nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ti inú orílẹ̀-èdè yìí, kí wọ́n má ṣe wá a lọ sí òkè òkun.

Nígbà náà, “orílẹ̀-èdè yìí” wo ni? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí n fi Sábó ṣe àpẹẹrẹ. Bí ẹ bá wọ mọ́tò ní Ìbàdàn tí ẹ sọ fún awakọ̀ pé Sábó ni ẹ ń lọ, yóò gbé yín dé Sábó ti Ìbàdàn. Bí ẹ bá wí bẹ́ẹ̀ fún awakọ̀ ní Yábà ní ìlú Èkó, Sábó mìíràn ni yóò gbé yín lọ. Abẹ́òkúta náà ní Sábó tirẹ̀. Awakọ̀ kankan kò ní bi yín pé Sábó ìlú wo, nítorí pé ìlú tí ẹ wà ti dáhùn ìbéèrè náà kí ó tó béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo rí. Kò sọ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń kà á ni yóò fi orílẹ̀-èdè tirẹ̀ kún un.

Lọ́dọ̀ WhatsApp, ohun tí ó ń sọ orílẹ̀-èdè náà ni nọ́ńbà tí àwa fúnra wa fi forúkọ sílẹ̀. Kì í ṣe ibi tí a dúró sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di èyí mú, nítorí pé òun ni ó máa ń rú àwọn ènìyàn lójú. Nígbà tí Ayọ̀bámi kọ́kọ́ dé Leicester, oṣù márùn-ún gbáko ni ó fi lo WhatsApp lórí nọ́ńbà Nàìjíríà rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó pòórá. Inú Bìrìtìkó ni ó wà, ṣùgbọ́n ọmọ Nàìjíríà ni WhatsApp mọ̀ ọ́n sí, nítorí náà gbogbo nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo ni ó ń kà sí ti Nàìjíríà. Nígbà tí fóònù rẹ̀ já bọ́ tí ó fọ́, ó ra tuntun, ó sì fi nọ́ńbà Bìrìtìkó forúkọ sílẹ̀. Àwọn orúkọ inú fóònù rẹ̀ àtijọ́ bá a wá láti inú àkáǹtì Gúgù rẹ̀, wọ́n pé pérépéré. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni WhatsApp ti ń fi ojú Bìrìtìkó wo gbogbo wọn.

Bí nọ́ńbà Màmá ṣe rí nìyí. Mo fi X rọ́pò àwọn ìyókù:

```
0803XXXXXXX      bí ó ṣe wà nínú fóònù Ayọ̀bámi
+44803XXXXXXX    bí WhatsApp ṣe kà á
+234803XXXXXXX   nọ́ńbà Màmá gan-an
```

WhatsApp yọ òdo kúrò, ó fi 44 sí i, ó sì ń wá ẹnìkan tí kì í ṣe Màmá. Kò rí ẹni náà, ó sì fò ó. Ohun kan náà ni ó jẹ́ kí ìpè lásán tí Ayọ̀bámi pè kùnà, nítorí pé síìmù Bìrìtìkó náà wá nọ́ńbà yẹn nínú Bìrìtìkó. Bí ọ̀nà méjì ṣe di pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn, tí ó fi gbà pé fóònù Màmá ni ó bàjẹ́. Bí ẹ bá wà nílẹ̀ òkèèrè, tí ẹnìkan kò hàn lórí WhatsApp, tí ìpè lásán sí i kò sì lọ, òdo iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Ṣùgbọ́n èmi ńkọ́? Kí ló dé tí àbúrò mi fi ń rí mi? Mo ní kí ó ka nọ́ńbà mi jáde bí ó ṣe wà nínú fóònù rẹ̀. Àmì ìròpọ̀ àti 234 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ó rántí pé inú WhatsApp ni òun ti tẹ nọ́ńbà mi pamọ́ lọ́jọ́ tí mo pààrọ̀ láìnì, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà tí a bá pamọ́ láti inú WhatsApp máa ń wọlé pẹ̀lú kóòdù orílẹ̀-èdè rẹ̀. Èyí ni ìdí tí kì í fi í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń pòórá. Àwọn tí a fi ọwọ́ kọ nílé, ìyẹn àwọn àgbà, àwọn ọ̀rẹ́ àtijọ́, aránṣọ ẹni, ni ó máa ń lọ. Àwọn tí a mọ̀ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta ni ó máa ń ṣẹ́kù. Ìkà ni ọ̀rọ̀ náà jọ, ṣùgbọ́n ìṣirò lásán ni.

Ohun tí Màmá rí

Títí dé ibí yìí, a ti mọ ìdí tí ọmọ kò fi rí ìyá. Èwo wá ni ti àwòrán tí ó pòórá lójú ìyá? Èmi ni mo kọ nọ́ńbà tuntun Ayọ̀bámi sínú fóònù Màmá, pẹ̀lú +44 níwájú rẹ̀, nítorí náà Màmá ń rí i, ọ̀rọ̀ wọn sì ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìdáhùn wà nínú ètò ìpamọ́ àṣírí tí Ayọ̀bámi yàn. Bí ọ̀pọ̀ wa, ó lọ sí Settings, ó wọ Privacy, ó sì sọ pé kí àwòrán òun, Status òun, àti àkókò tí òun wà lórí WhatsApp kẹ́yìn jẹ́ ti My contacts nìkan. Ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé kí àjèjì má rí òun. Ta wá ni àjèjì? Lójú WhatsApp, ẹnikẹ́ni tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá bá èyí tí ó wà nínú ìwé orúkọ ẹni mu, àjèjì ni. Nítorí òdo yẹn, ẹni tí ó tọ́ ọ dàgbà di àjèjì. WhatsApp gbé àwòrán rẹ̀ kúrò lójú Màmá, ó sì fi òjìji aláwọ̀ eérú dípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Status tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnìkan tó lè rí Status wa, dandan ni kí nọ́ńbà wa wà nínú fóònù tirẹ̀, kí tirẹ̀ náà sì wà nínú tiwa. Ẹsẹ̀ méjì ni ó fi dúró. Bí ọ̀kan bá kán, ó ṣubú.

Ìpè ńkọ́? Nítorí àwọn gbájúẹ̀ tí ń pe ènìyàn láti ibi gbogbo, Ayọ̀bámi ti tan Silence unknown callers, èyí tí WhatsApp gbé jáde lọ́dún 2023. Ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ kò ní dún. Yóò kàn wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ìpè. Màmá pè lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni fóònù dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú àpò rẹ̀.

Nígbà tí mo béèrè nípa àwọn ọ̀rọ̀ tí Màmá kọ, ó ní òun rí nọ́ńbà Nàìjíríà kan tí kò ní orúkọ, tí ó fi òdòdó ṣe àwòrán, tí ó ń fi “Ẹ kú àárọ̀” ránṣẹ́. Ó rò pé ọ̀kan nínú àwọn tí ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ̀rún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà ni. Nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ fara jọ ti Màmá lójú rẹ̀, nítorí pé ta ni ó mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sórí mọ́ láyé yìí? Kò tẹ ohùn tí Màmá gbà sílẹ̀ rí. Nígbà tí mo sọ fún un pé ti Màmá ni, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Bí a ṣe tún un ṣe

Orí fóònù ni mo ti darí rẹ̀, kò sì gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó ṣí orúkọ Màmá nínú ìwé orúkọ fóònù, ó tẹ ibi àtúnṣe, ó pa òdo iwájú rẹ́, ó sì kọ +234 sí ipò rẹ̀, ó fi pamọ́. Ẹ ka nọ́ńbà tí ó kù lẹ́yìn 234. Fún láìnì alágbèéká Nàìjíríà, mẹ́wàá gééré ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ mọ́kànlá, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbàgbé òdo sí àárín, bíi +2340803. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe àṣìṣe yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ má ṣe fi 00 tàbí 011 rọ́pò àmì ìròpọ̀. Ìyẹn ni a fi ń tẹ ìpè sí òkè òkun, kì í ṣe ohun tí à ń fi sínú ìwé orúkọ.

Lẹ́yìn náà, ó wọ WhatsApp, ó tẹ àmì ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tuntun, ó tẹ ẹ̀ka mẹ́ta kékeré tí ó wà lókè lápá ọ̀tún, ó sì yan Refresh. Bí orúkọ Màmá ṣe yọ nìyẹn. Nọ́ńbà olódòdó tí kò ní orúkọ tẹ́lẹ̀ di “Màmá Mọ̀kọ́lá” lójú rẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ohun tí wọ́n ti kọ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù pé àtúnṣe yìí yóò bá nǹkan jẹ́ bí òun bá padà sílé. Nọ́ńbà tí ó ní +234 níwájú yóò lọ láti Ìbàdàn bí yóò ṣe lọ láti Leicester. Nítorí náà, ìgbà tí a wà nílé ni ó dára jù láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ bá pọ̀ nínú fóònù yín tí wọ́n sì wà nínú àkáǹtì Gúgù, ẹ ṣí contacts.google.com lórí kọ̀ǹpútà. Àtúnṣe ọgọ́rùn-ún orúkọ yá níbẹ̀ ju orí fóònù lọ. Ayọ̀bámi kò tilẹ̀ ṣe gbogbo tirẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ẹbí.

Bí kì í bá ṣe òdo ńkọ́?

Gbogbo orúkọ tí ó pòórá kọ́ ni òdo lé lọ. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ta ni mi ò rí? Ìdáhùn ìbéèrè yìí máa ń tọ́ka sí ibi tí àìsàn wà.

Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ènìyàn ni ẹ kò rí, tí nọ́ńbà lásán dípò orúkọ ni ó kún ojú fóònù, a jẹ́ pé WhatsApp kò ní àṣẹ láti ka ìwé orúkọ yín. Lórí Android, ẹ lọ sí Settings, Apps, WhatsApp, Permissions, Contacts, kí ẹ sì yan Allow. Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, Privacy & Security, Contacts, lẹ́yìn náà WhatsApp. Àwọn tí ń lo iPhone ní láti ṣọ́ra síi, nítorí pé láti ìgbà tí iOS 18 ti dé lọ́dún 2024 ni ènìyàn ti lè fún áàpù ní àṣẹ lórí orúkọ díẹ̀ péré. Bí ẹ bá rí Limited Access níbẹ̀, àwọn orúkọ tí ẹ fọwọ́ yàn lọ́jọ́ yẹn nìkan ni WhatsApp ń rí. Orúkọ tí ẹ kò bá fọwọ́ sí kò ní hàn, ì báà jẹ́ pé nọ́ńbà rẹ̀ pé.

Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ni, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì ní kóòdù orílẹ̀-èdè tí ó tọ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́dọ̀ ẹni náà. Nílé wa níbí, síìmù méjì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò. Ọ̀kan fún ìpè, èkejì fún dátà, èyí tí wọ́n ń lò fún dátà sì ni wọ́n sábà máa ń fi forúkọ sílẹ̀ lórí WhatsApp. Nọ́ńbà tí ẹ fi ń pè é tí ó sì ń gbé e lè má ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú WhatsApp. Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi dán an wò láìfi ìwé orúkọ ṣe rárá. Ẹ kọ èyí sí ibi tí ẹ ti ń ṣí ìtàkùn ayélujára, kí ẹ sì fi nọ́ńbà gidi sí ipò X:

```
https://wa.me/234803XXXXXXX
```

Kò sí àmì ìròpọ̀ níbẹ̀, kò sì sí òdo iwájú. Bí nọ́ńbà náà bá wà lórí WhatsApp, yóò ṣílẹ̀kùn ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún yín. Nígbà náà ẹ mọ̀ pé bí ẹ ṣe kọ nọ́ńbà náà pamọ́ tàbí àṣẹ fóònù yín ni kí ẹ wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, yóò sọ fún yín. Ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ ẹni náà pé láìnì wo ni ó ń lò.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà fún àwọn tí wọ́n ní ẹbí ní Kétu, ní Sábẹ̀ẹ́, tàbí ní Kùtọnu. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2024 ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fi 01 kún iwájú gbogbo nọ́ńbà wọn, tí ó fi di mẹ́wàá dípò mẹ́jọ. Odidi rẹ̀ wá di +229 01, kí àwọn mẹ́jọ àtijọ́ tó tẹ̀lé e. Ẹ kíyè sí i pé òdo tibí yìí kì í ṣe irú ti Nàìjíríà. Ara nọ́ńbà ni, a kò gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Bí ìpè bá ń lọ sí ẹnìkan níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò hàn lórí WhatsApp, ẹ kọ nọ́ńbà tuntun àti ti àtijọ́ sí abẹ́ orúkọ rẹ̀ kan náà, kí ẹ sì wo èyí tí WhatsApp yóò dá mọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ má ṣe fi ìkánjú gbà, òun náà ni pé wọ́n ti tì yín síta. Ẹni tí ó bá tì yín síta lórí WhatsApp kò ní pòórá nínú àwọn orúkọ yín. Orúkọ rẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ ni ẹ kò ní rí, ìpè yín ni kò ní wọlé, ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sì kọ yóò dúró lórí àmì ẹyọ kan, nítorí pé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo padà yẹ fóònù Màmá wò: àmì méjì-méjì ni ó wà lára gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Ó ti dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí n ti fura lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ṣùgbọ́n òjìji aláwọ̀ eérú náà gba ojú mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí n tó dé ibi iṣẹ́, Màmá pè mí.

“Àdùkẹ́, àwòrán rẹ̀ ti padà o. Ó wọ kóòtù, ó dúró nínú òjò dídì. Ó ti rù díẹ̀.”

“Màmá, ṣé ó ti bá yín sọ̀rọ̀?”

“Ó ti tẹ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo fi ránṣẹ́, ó sì dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òdo ni. N kò mọ ohun tí òdo ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ èmi àti ọmọ mi, ṣùgbọ́n mo ti gbà á bẹ́ẹ̀.” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. “Bí o bá ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, wá bá mi yọ àwọn tí ó wà nínú fóònù tèmi náà.”

Mo ti lọ. Ọgọ́fà orúkọ ó lé méjì ni a bá níbẹ̀, òdo ni mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú wọn sì fi bẹ̀rẹ̀. A fi ọ̀sán Àìkú kan gbáko tún wọn ṣe, Màmá ń ka orúkọ, èmi ń tẹ nọ́ńbà.